Owó Ti Wọlé: Ta Ló San Án, Kí Ló sì San Án Fún?

Owó wọ àkáùntì ẹnì kan tó ń ta ìyẹ̀fun fún àwọn oníbúrẹ́dì ní Ìbàdàn. Gbogbo ohun tí bánkì kọ nípa owó náà kò ju ìlà kan yìí lọ:

```
NIP/TRF/ADEYEMI KEHINDE O/GOODS    310,000.00
```

Kò sí nọ́ńbà ínfọ́ìsì níbẹ̀, kò sì sí orúkọ ilé búrẹ́dì kankan. "GOODS" tí ẹni tó sanwó kọ sí i kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí owó ọjà náà ni gbogbo ẹni tó ń sanwó sí àkáùntì yìí ń san. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 tí NIP ti ń gbé owó láti bánkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀, irú ìlà báyìí ti di ohun tí akọ̀wé oníṣòwò ń bá wọ̀yá ìjà láràárọ̀. Àwọn mìíràn kọ "TRF", àwọn kan kọ "thanks ma", àwọn kan kò kọ nǹkan kan rárá. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lóòjọ́, ènìyàn kò lè máa fi ojú wá a mọ́, kọ̀ǹpútà ni a ó gbé e fún. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà so ìlà bánkì mọ́ ínfọ́ìsì tí a kò tíì san ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú ibi tó ti sábà máa ń ṣì í so.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó jẹ oníyẹ̀fun yìí lówó lọ́jọ́ náà. Ká ní àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ 62,000 náírà. Ilé búrẹ́dì Olúwaṣeun ra àpò márùn-ún lórí ínfọ́ìsì 1044, owó rẹ̀ jẹ́ 310,000. Ilé búrẹ́dì kan ní Mọ́níyà náà ra àpò márùn-ún lórí ínfọ́ìsì 1052, òun náà jẹ 310,000. Ìyá Bísí ra àpò méjì lórí ínfọ́ìsì 1041, ìyẹn 124,000, ó tún padà wá ra mẹ́ta lórí 1047, ìyẹn 186,000. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 310,000 ló tún jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó kan yìí lè gbà bá ìwé mu, láìsí pé kọ́bọ̀ kan lé tàbí kù. Kì í ṣe pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ o. Níwọ̀n ìgbà tí iye àpò kan kò bá ti yí padà, gbogbo ínfọ́ìsì ni yóò jẹ́ 62,000 lọ́nà ìlọ́po, ìlọ́po méjì, mẹ́ta, márùn-ún, wọn yóò sì máa bára wọn dọ́gba ṣáá. Bí ínfọ́ìsì tí a kò tíì san bá sì tó ogún, ọ̀nà tí a lè gbà kó wọn pọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan: 1,048,575 gan-an ni. Kọ̀ǹpútà tí a bá ní kó wá èyí tó bá owó mu láàárín wọn yóò rí i, kò ní ṣàì rí i, yóò sì rí ju ẹyọ kan lọ. Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé iye owó ni ẹ̀rí tó rọ jù lọ nínú òwò tí ọjà rẹ̀ kò ju oríṣi kan sí méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wò. Irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò gbé 310,000 yìí, yóò rí ínfọ́ìsì 1044 tó bá a mu rẹ́gí, yóò kọ ọ́ pé Olúwaṣeun ti sanwó, yóò sì kọjá sí ìlà tó kàn.

Ohun tó yẹ ni kí a pín iṣẹ́ náà sí ìbéèrè méjì, kí a má sì jẹ́ kí èkejì ṣíwájú èkíní. Ta ló san owó yìí? Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ìyẹn nìkan ni a tó béèrè pé, èwo nínú gbèsè rẹ̀ ló san?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Orúkọ tí oníṣòwò kọ sínú ìwé rẹ̀ ni Ìyá Bísí, ṣùgbọ́n kò sí bánkì tó mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Bísí. Orúkọ tó wà lórí àkáùntì obìnrin náà yàtọ̀, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ló ń bá a fi owó ránṣẹ́. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrántí kan tí yóò máa kọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí apá kan, kí ó sì kọ oníbàárà tó fi í ránṣẹ́ nítorí rẹ̀ sí apá kejì. Nígbà àkọ́kọ́ tí ADEYEMI KEHINDE O sanwó, akọ̀wé ló tẹ Ìyá Bísí láago tó béèrè, ó sì so wọ́n pọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ tún wọlé tí akọ̀wé sì tún fọwọ́ sí i, ìgbàgbọ́ kọ̀ǹpútà nínú ìsopọ̀ náà le sí i. Níbi tí bánkì bá ti fi nọ́ńbà àkáùntì ẹni tó fi owó ránṣẹ́ hàn, nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá yẹn ni kí a fi ṣe ìrántí, torí a kì í gé e kúrú bí a ti ń gé orúkọ.

Bí orúkọ nìkan bá ni a ní, a ní láti kọ́kọ́ fọ ìlà náà mọ́. NIP, TRF, GOODS, àti orúkọ oníyẹ̀fun fúnra rẹ̀ tí bánkì sábà máa ń kọ mọ́ ọn, gbogbo wọn ni a ó yọ kúrò. Kí orúkọ bàbá ṣíwájú tàbí kí ó gbẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ já mọ́ nǹkan kan. Bánkì kì í kọ àmì ohùn, kì í sì í fi nǹkan sí abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà Ṣẹ́gun lè jáde bí SEGUN, ó sì lè jáde bí SHEGUN. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe níbòmíràn kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n, àfi kí a sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: orúkọ tó wọ́pọ̀ kò tó orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ní ẹ̀rí. Bí ADEYEMI bá bá ADEYEMI mu, ìyẹn kò tíì tó nǹkan, torí Adéyẹmí pọ̀ ní Ìbàdàn bíi yanrìn. BAKERY àti VENTURES kò wúwo rárá. Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àwọn ìbejì: ADEYEMI TAIWO àti ADEYEMI KEHINDE fi orúkọ bàbá kan náà jọra, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé oníbàárà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ewu tó tóbi jù nínú ìwé ìrántí yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS. Oníbúrẹ́dì á kó owó lọ bá oní-POS tó wà ní ìkóríta, ìyẹn á fi àkáùntì tirẹ̀ ránṣẹ́, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì jáde. Bí akọ̀wé bá so ó mọ́ Ìyá Bísí lẹ́ẹ̀kan, tí kọ̀ǹpútà sì rántí, gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ oní-POS yẹn kọjá lẹ́yìn ìyẹn ni yóò di Ìyá Bísí. Ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ kò le: bí orúkọ kan bá ti ṣe aṣojú oníbàárà méjì, ẹ fi àmì sí i pé ti gbogbo ènìyàn ni, kí kọ̀ǹpútà má tún fi í dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Ó ku ìbéèrè kejì, èyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ìyá Bísí ní ínfọ́ìsì méjì péré. Owó tó lè bá wọn mu rẹ́gí kò ju mẹ́ta lọ: 124,000, 186,000, tàbí 310,000. Èyí tó wọlé jẹ́ 310,000. Nítorí náà 1041 àti 1047 ló san, Olúwaṣeun àti ti Mọ́níyà ṣì jẹ gbèsè wọn. Iye owó tó ń ṣini lọ́nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ti wá di ẹ̀rí tó dára, torí a ti mọ ìwé ẹni tí a ń wò.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó máa ń pé. Bí ilé ìtura ńlá kan bá ra àpò márùn-ún, ó lè san 303,800 dípò 310,000. 6,200 tó kù kì í ṣe pé ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni, owó orí tí ìlànà ọdún 2024 ní kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yọ nínú owó ẹni tó kó ọjà fún un, kí ó sì san án fún ìjọba. Kọ̀ǹpútà tó mọ ìdá 2 yìí yóò gba owó náà, yóò sì kọ 6,200 sí ibi tí a ń retí ìwé ẹ̀rí owó orí. Àmọ́ kò yẹ kí a sọ fún un pé kó máa gbójú fo "owó kékeré" èyíkéyìí tó bá dín. Ìdínkù tó ní ìdí ni kó gbà, kó sì kọ ìdí náà sílẹ̀.

Bí Ìyá Bísí bá wá san 250,000 ńkọ́? A mọ ẹni tó san án, a kò mọ ohun tó san. Kí kọ̀ǹpútà fi owó náà sí orúkọ Ìyá Bísí láìtíì fi pa ínfọ́ìsì kankan rẹ́, kí akọ̀wé sì bi í léèrè. Ẹni tó sanwó ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ gbèsè tó ń san. Bí ó bá dákẹ́, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè lè yàn. Fún àkáùntì tó ń lọ tó ń bọ̀, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wí nínú ẹjọ́ Clayton ní ọdún 1816 pé owó tó kọ́kọ́ wọlé ni kí a fi san gbèsè tó pẹ́ jù. Owó tí a kò bá mọ ẹni tó san án rárá, bíi ti oní-POS, kí ó dúró sí àkáùntì ọ̀tọ̀ títí olówó yóò fi yọjú.

Ìgbà wo wá ni kí kọ̀ǹpútà so owó mọ́ ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀, láìbi akọ̀wé? Ọ̀pọ̀ máa ń wo bí ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣe dára tó. Èmi a máa wo bí ó ṣe jìnnà sí ìkejì tó. Bí ẹ̀rí bá fi Ìyá Bísí sí iwájú gan-an, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn, kó so ó. Bí àwọn méjì bá ń fi ara kan ara, bí ó ti wù kí àwọn méjèèjì dára tó, akọ̀wé ni kó yàn.

Ìsopọ̀ tí kò tọ́ ṣòro láti rí, torí àròpọ̀ owó yóò ṣì máa pé. Ká ní kọ̀ǹpútà ti fi owó Ìyá Bísí pa gbèsè Olúwaṣeun rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olúwaṣeun san 310,000 tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí gbèsè kankan lórúkọ rẹ̀ mọ́, ó kọ ọ́ pé ó san lé. Nígbà yẹn kan náà, lẹ́tà ìránnilétí ń lọ bá Ìyá Bísí, ẹni tó ti sanwó, tí kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn: ẹnì kan ní owó lé, ẹlòmíràn ní gbèsè tó ti pẹ́, iye méjèèjì sì dọ́gba. Ó yẹ kí akọ̀wé máa wá irú méjì-méjì bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí lẹ́tà ìránnilétí tó jáde.

Àwọn bánkì àti ilé iṣẹ́ ìsanwó kan ti ń fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáùntì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà ni gbogbo owó ń lọ. Nọ́ńbà tí owó gbà wọlé ti sọ ẹni tó ni í, kódà bí oní-POS ló fi í ránṣẹ́. Ìyẹn dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn, èkejì ṣì wà níbẹ̀. Àti pé nọ́ńbà àtijọ́ ti wà nínú fóònù àwọn oníbúrẹ́dì láti ọdún gbọọrọ, wọn yóò ṣì máa sanwó sí i. Kí oníyẹ̀fun má ṣe tì í, kí ó sì jẹ́ kí ìwé ìrántí náà máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.