Ẹ̀yà Mẹ́fà, Àṣìṣe Kan

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL gbé ìtẹ̀jáde mẹ́fà síta lẹ́ẹ̀kan náà: 17.1, 16.5, 15.9, 14.14, 13.17 àti 12.21. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 21, wọ́n ti gbé mẹ́fà mìíràn síta. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò sí nínú kàlẹ́ńdà wọn rárá.

PostgreSQL ni sọ́fúwíà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹni tí owó àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sáré pààrọ̀ sọ́fúwíà nítorí pé ẹ̀yà tuntun dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi ṣèlérí pé ẹ̀yà ńlá tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, ọdún márùn-ún làwọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀ nínú kóòdù, bíi `REL_17_STABLE` àti `REL_16_STABLE`. Inú `master` ni iṣẹ́ tuntun ń lọ. Àtúnṣe nìkan ló ń wọ àwọn ẹ̀ka àtijọ́. Ẹni tó bá ń kúrò ní 16.4 bọ́ sí 16.5 kàn máa dá sáfà dúró ni, kó fi ètò tuntun sí i, kó sì tàn án padà. Kò ní fọwọ́ kan dátà rẹ̀.

Bí wọ́n bá rí àṣìṣe kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà tó wọlé, kí wọ́n lè mọ àwọn ẹ̀ka tó ti ràn. Ká ní `3c7e1d2` ni àyípadà tó dá a sílẹ̀, tí `9ab41f0` sì jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sínú `master`:

```
git branch -r --contains 3c7e1d2
git switch REL_16_STABLE
git cherry-pick 9ab41f0
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń ka àwọn ẹ̀ka tí àyípadà náà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e pátápátá. Ohun tí `cherry-pick` bá gbé wọ ẹ̀ka mìíràn máa ń gba nọ́ńbà tuntun, nítorí náà àṣìṣe tó bá ti ọ̀nà yẹn wọlé kò ní fara hàn níbẹ̀. Àwọn ará PostgreSQL ń lo ọ̀rọ̀ àlàyé kan náà fún àtúnṣe náà ní gbogbo ẹ̀ka, kí wọ́n lè tò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀ka tí wọ́n bá gbàgbé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: oníbàárà á bọ́ sí ẹ̀yà tó ga jù, á sì tún bá àṣìṣe tí wọ́n ti bá a mú kúrò lọ́dún tó kọjá.

Nígbà tí git bá pariwo pé kóòdù méjì ń forí gbárí, ìyẹn ṣì dára. Èyí tó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, bíi ti oṣù kọkànlá yẹn.

Àtúnṣe kan tó fẹ́ dá pípàdánù dátà dúró ni wọ́n ṣe. Ó fi àmì kékeré kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kún ìparí ètò kan tó ń jẹ́ `ResultRelInfo`, ètò náà sì gùn sí i díẹ̀. Nínú PostgreSQL fúnra rẹ̀, kò sí ewu, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àfikún wà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, bíi TimescaleDB, tí wọ́n ti fi ìwọ̀n àtijọ́ kọ́. Ó dà bí ìgbà tí bírékìlà ti fi ìwọ̀n àná mọ ẹnu ọ̀nà, tí káfíńtà wá gbé ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù ú lọ dé. Àfikún á ya àyè kékeré sọ́tọ̀, sáfà á sì wò ré kọjá àyè náà sínú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Sáfà lè wó lójijì.

Àṣìṣe kejì wà nínú ìtẹ̀jáde kan náà. Wọ́n dí ihò ààbò kan, CVE-2024-10978, ni `ALTER ROLE ... SET ROLE` bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Èyí ló dé gbogbo ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí pé ọ̀nà tí àtúnṣe ń gbà dé ẹ̀ka gbogbo ni àṣìṣe náà gbà.

Lójú tèmi, àyẹ̀wò ìwọ̀n ètò lórí ẹ̀ka àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ì bá ti mú ti àkọ́kọ́ kó tó jáde. Àyẹ̀wò tó ń kọ́ gbogbo nǹkan lákọ̀tun kò lè rí i láéláé, nítorí pé àfikún náà á gba ìwọ̀n tuntun pẹ̀lú.

Nínú àtúnṣe pàjáwìrì náà, wọn kò ju iṣẹ́ tó ń dáàbò bo dátà nù. Wọ́n dá ìwọ̀n ètò náà padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí àfikún àtijọ́ lè bá a ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n tún un kọ́. Ẹni tó ṣì wà lórí 17.0 lè fo 17.1, kó bọ́ sí 17.2 tààrà. Ẹ̀yà 12 ńkọ́, tó yẹ kí 12.21 jẹ́ àṣekágbá rẹ̀? Wọ́n ṣí ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì gbé 12.22 jáde fún un.