Ọ̀gá Kò Tíì Fèsì

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l'Ékòó, ohun tí òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ máa ń kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka kì í ju ìlà kan lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, a ṣì ń retí èsì íńtáfíù yẹn." Ọ̀gá á kà á láàárín ìpàdé méjì, á ní òun máa dáhùn tó bá yá, ó parí síbẹ̀. Kì í ṣe àìbìkítà. Iṣẹ́ ńlá ni ìlà kékeré yẹn gbé lé e lórí: kó wá ìwé tó kọ nǹkan sí, kó rántí ẹni mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tún jókòó kọ àlàyé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá akáńtáǹtì. Ẹni mẹ́ta ló ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣa ìwé gbogbo. Ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ó ní òun á fèsì ní ọjọ́ 16. Ọjọ́ 22 pé, kò sí nǹkan. Láàárín kan náà, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta, tó jẹ́ pé òun ló dára jù lójú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ti pè: ibòmíràn ti fún òun níṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ tòun ní ọjọ́ 24.

Kàlẹ́ńdà ni òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú jáde. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi oṣù 1 sọ tẹ́lẹ̀ kó tó kúrò. Ẹni tí òfin náà kò kàn, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé. Bí oṣù 1 bá wà nínú ìwé ẹni tiwa yìí, tó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, á wọlé ní ìparí oṣù Kọkànlá. Bí ọ̀gá bá tún fa ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó di àárín oṣù Kejìlá, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ìwé owó ọdún mọ́, tí kò sì sí ẹni tó ráyè kọ́ àlejò níṣẹ́. Ohun tó máa dun ọ̀gá nìyẹn, òun ló sì yẹ kó wà nínú ìránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lórí akáńtáǹtì: ẹni kejì tí ẹ rí ti ríṣẹ́ síbòmíràn, ó sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn ní Jímọ̀ yìí. Bí a bá pàdánù rẹ̀, a ò ní lè rí ẹlòmíràn wọlé kí ọdún tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́la: nínú àwọn mẹ́ta, ta ni ká mú tẹ̀ síwájú, ta ni ká dá dúró, kí sì nìdí? Ẹ lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, màá tẹ̀ ẹ́, màá sì dá a padà kí ẹ fọwọ́ sí i."

Ohùn yẹn wúlò gan-an. Ọ̀gá tí kò ráyè kọ fọ́ọ̀mù lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ gbogbo rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ ò gbọdọ̀ fi èrò tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Bó bá kọ ọ́ pé "mo rò pé ẹni kejì ni ẹ fẹ́, àbí?", ọ̀gá tó ń kánjú á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdájọ́ á sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kò sì yẹ kó gba èsì tó ṣófo. "Kò bá wa mu" kò sọ nǹkan kan. "Mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń fi ìwé báńkì yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ wò, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀": èyí la lè fi ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti dé ní 2023, ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Kí kálukú kọ ohun tó lè dúró tì.

Bí ọ̀gá kò bá fèsì síbẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan á fi orúkọ ọ̀gá àgbà sínú ímeèlì kejì. Lójú tèmi, ìtìjú nìyẹn, àgbàlagbà kì í sì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ó sàn kí ọmọdé ọ́fíìsì lọ bá ọ̀gá tirẹ̀, kí àgbà pe àgbà lórí fóònù. Ìbéèrè kan sì wà tí àwọn náà sábà máa ń gbàgbé láti bi ara wọn: ṣé ipò yìí ṣì wà? Nígbà mìíràn, wọ́n ti gba owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ka yẹn, tàbí kó jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tó tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́ta tó ń dúró gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni kejì lè dá ibi tí wọ́n ti pè é lóhùn kí Jímọ̀ tó kọjá.