Kí Owó Ìpolówó Má Baà Tán Kí Owó Oṣù Tó Wọlé

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń polówó ọjà lórí Google ló mọ iye tí wọ́n fẹ́ ná lóṣù. Ọjọ́ tí owó náà máa tán ni wọn kì í mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ya ₦300,000 sọ́tọ̀ fún oṣù tó ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó pín in sí ₦10,000 lójúmọ́, ó sì fi iye yẹn sínú Google Ads. Láti ọjọ́ kẹrìnlélógún títí di ìparí oṣù ni àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń rajà jù, nítorí ìgbà yẹn ni owó oṣù máa ń wọlé.

Google kò ka ₦10,000 yẹn sí iye tí ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìpíndọ́gba ló kà á sí. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń wá aṣọ òfì bá pọ̀, ó lè ná ìlọ́po méjì, ìyẹn ₦20,000. Oṣù ló ní ààlà: bí ẹ kò bá yí iye ojúmọ́ padà, Google kò ní gbà ju ìlọ́po 30.4 rẹ̀ lọ, ìyẹn ₦304,000. Nítorí náà, gbèsè kọ́ ni ewu ìyá yìí. Ewu rẹ̀ ni pé kí ìpolówó rẹ̀ dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ènìyàn ní owó lọ́wọ́, torí Google kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń dúró dè.

Ká ní nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án parí, ₦120,000 ti lọ. ₦90,000 ló yẹ kó lọ. Bí iye tó ń ná lójoojúmọ́ bá wà ní B2 dé B10 nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, yóò kọ báyìí:

```
=SUM(B2:B10)/(10000*9)
```

Yóò rí 1.33. Bó bá ń bá a lọ báyìí, owó náà máa tán lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ní àfẹ̀mọ́jú ọjà gan-an.

Àwọn mìíràn á ní kí ìkìlọ̀ máa dún nígbàkigbà tí ìṣirò yìí bá kọjá 1.1. Mi ò fara mọ́ ọn, torí nọ́ńbà kan náà kì í túmọ̀ sí ohun kan náà jálẹ̀ oṣù. Bó bá jẹ́ 1.05 lọ́jọ́ karùn-ún, ₦52,500 ló ti lọ. Èyí tó kù ṣì lè gbé ₦9,900 lójúmọ́, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ 1.05 lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, ₦37,500 péré ló kù fún ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn ₦7,500 lójúmọ́. Ìdá mẹ́rin owó ojúmọ́ ti dín ọ̀kan.

Ohun tó dára jù ni kí ó pín owó tó kù sí iye ọjọ́ tó kù:

```
=(300000-SUM(B2:B10))/21
```

Ìdáhùn rẹ̀ ni ₦8,571. Kí ó wá fi wé ìpíndọ́gba ọjọ́ méje tó kọjá. Ká ní ₦98,000 ló lọ láàárín ọjọ́ méje náà, ₦14,000 ló ń ná lójúmọ́. Ọjọ́ méje ni mo yàn torí pé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, Jímọ̀ àti Sátidé nìkan á máa pariwo. Bí ohun tó ń ná bá fi ìdá márùn-ún kan ju ohun tó kù fún ojúmọ́ lọ, kí ìkìlọ̀ dún. Kí ó dá ìṣirò náà dúró sí àná, torí iye tòní kò tíì pé.

Ó tún yẹ kó ní ìkìlọ̀ kejì, fún ọjọ́ kan ṣoṣo tí owó bá kọjá ₦20,000. Google kì í gba iye bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ti yí iye ojúmọ́ padà, tàbí ó ti ṣí ìpolówó mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, `Change history` yóò sì fi hàn.

Bí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ bá dún, kí ó kọ́kọ́ wo `Search terms`, níbi tí yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí ìpolówó rẹ̀. Nígbà míràn, àwọn tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń hun òfì, tí wọn kò fẹ́ rà, ló ń jẹ owó náà. Kí ó dènà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ó tún owó pín, kó má sì pín in dọ́gba. Nínú ₦180,000 tó kù, kí ó fi iye ojúmọ́ sí ₦6,000 láti ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàlélógún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá nìyẹn, ₦84,000. Tó bá di ọjọ́ kẹrìnlélógún, kí ó gbé e sókè sí ₦13,700. Láti ọjọ́ tó bá yí i padà, Google yóò fi iye tuntun náà ṣírò àwọn ọjọ́ tó kù, ọjọ́ méje yẹn kò sì ní gbà ju ₦95,900 lọ.