Kí a tó pín èrè: ìṣirò òwò ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ oṣù

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló ti ní òwò kan tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oṣù wọn, pàápàá láti ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà náà sì já wálẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n pín èrè sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan padà sínú òwò, ìdá kan sí ìpamọ́, ìdá kan sí àpò ara ẹni. Ìmọ̀ràn náà dùn ún gbọ́, àmọ́ ó fo ìbéèrè tó ṣáájú: èló gan-an ni èrè ọ̀hún? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké ti ń kú, tí ẹni tó ni wọ́n á sì máa sọ pé ọjà ń tà.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ obìnrin kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń dín ṣin-ṣin lópin ọ̀sẹ̀, ó ń dì í sínú ọ̀rá, ó sì ń gbé e fún àwọn onísọ́ọ̀bù àdúgbò. Ká sọ pé fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin, òróró, gáàsì, ọ̀rá àti owó ọkọ̀ ná an ní ₦190,000 lóṣù kan, ó sì ta gbogbo rẹ̀ ní ₦300,000. Lójú tirẹ̀, ó jèrè ₦110,000. Ó fi ₦37,000 pamọ́, ó ná ₦37,000 sílé, ó ní ₦36,000 tó kù lòun dá padà láti fi kún ọjà.

Nígbà tó padà dé ọjà Bódìjà, ọjà ti gbówó lórí. Ohun tó rà ní ₦190,000 ti di ₦205,000. Nínú ₦300,000 tó kọ sínú ìwé, ₦25,000 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù tó gbà á láwìn, nítorí náà ₦275,000 ló wọlé. Ẹ yọ ₦74,000 tó ti fi pamọ́ tó sì ti ná, ó ku ₦201,000. Obìnrin tó rò pé òun ti fi ₦36,000 kún òwò kò tún lè ra iye ọjà tó rà lóṣù tó kọjá! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló dín. Yóò fà á yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kò ní kọ ọ́ síbì kankan, yóò sì gbàgbé.

Èyí ló jẹ́ kí òwò ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ṣòroó yẹ̀ wò ju òwò tí èèyàn fi ń jẹun lọ. Bí òwò aláta bá ń jó rẹ̀yìn, ebi yóò sọ fún un. Ti olùkọ́ wa yìí, owó oṣù á máa bo ihò náà mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ̀ ni kí òwò ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ohunkóhun tó bá ti inú owó oṣù wọ ibẹ̀ sì jẹ́ gbèsè tí òwò jẹ ẹ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò èrè náà bó ṣe yẹ. Nínú ₦300,000, iye tí ọjà yóò jẹ́ nígbà tó bá tún fẹ́ rà á la ó kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe iye tó rà á tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ₦205,000, ó ku ₦95,000. Lẹ́yìn èyí ni àwọn irinṣẹ́: ìkòkò ìdín, sílíńdà gáàsì, ẹ̀rọ ìpo fúláwà àti èyí tó ń lẹ ọ̀rá. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ₦240,000, tí wọ́n sì lè lo ọdún méjì, ₦10,000 ni wọ́n ń jẹ lóṣù kan. Owó yìí gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ kì í bèèrè bóyá owó wà nílé. Ó ku ₦85,000.

Àwìn ọ̀hún ńkọ́? Mo gbà pé owó tí wọ́n dá padà sínú òwò ni òun náà, bí ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ onísọ́ọ̀bù ló wà, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé pín. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ yọ ₦25,000, ó ku ₦60,000. Bí wọ́n bá san ti àtijọ́ lóṣù kejì tí wọ́n sì tún gba ₦25,000 mìíràn, kò sí ohun tí a ó yọ mọ́. Àmọ́ bí gbèsè bá ti di ₦40,000 nígbà tí ọjà kò pọ̀ sí i, àwìn ló ń gbé ọjà náà kúrò ní sọ́ọ̀bù, kì í ṣe oníbàárà.

Níkẹyìn, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí yóò bá gba ọmọbìnrin kan láti máa dín ṣin-ṣin yìí, tí ìyẹn yóò gba ₦20,000, iye yẹn ni kó san fún ara rẹ̀. Òun gan-an ni owó ìnáwó tara ẹni. Kò gbọ́dọ̀ fò sókè ní Ọdún Kérésìmesì nítorí pé ọjà yá, torí ọjà oṣù Kìíní yóò sùn.

₦40,000 tó kù ni èrè tó ṣeé pín. Kí ó tó dá èyíkéyìí padà, kó wo bí ọjà ṣe ń kúrò lórí àtẹ. Bí àwọn onísọ́ọ̀bù bá ti ń pè é lọ́sẹ̀ kejì pé ó ti tán, tí wọ́n sì ń san owó lọ́wọ́, òwò náà lè gba owó sí i. Bó bá ń rí ọ̀rá tó ti pẹ́ nígbà tó bá gbé tuntun dé, tí òróró rẹ̀ ti ń yí òórùn padà, a jẹ́ pé ibi tí àdúgbò yẹn lè jẹ ṣin-ṣin dé ló dé yẹn. Owó tó bá lé e níbẹ̀ yóò kàn di ẹrù. Ó lè wá àdúgbò mìíràn, ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti olùkọ́ wa yìí, mo rò pé ìpamọ́ ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù lákọ̀ọ́kọ́: ₦20,000 sí ìpamọ́, ₦15,000 sí ọjà tuntun, ₦5,000 lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìpamọ́ náà ní ibi tó ń lọ, ìyẹn ₦205,000, iye ọjà oṣù kan gbáko, tó lè fi bẹ̀rẹ̀ padà bí ìdín oṣù kan bá bàjẹ́ tàbí bí onísọ́ọ̀bù kan bá sá lọ. Bó bá tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́wàá, ₦20,000 yẹn lè wá ibòmíràn gbà.

Ibi tí a kó o sí náà ṣe pàtàkì. Alájọ a máa gba àjọ ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í san èlé. Ó dára fún kíkó owó ọjà jọ láàárín oṣù, kò dára fún èyí tí yóò pẹ́. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, kéde pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ: ohun tí ₦100,000 ń rà ti di ₦134,800. Ìwé owó-yíyá ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sàfínsì Bọ́ǹdì bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ó ń san èlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Èlé rẹ̀ kì í bá ọ̀wọ́n gógó bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ó sàn ju kó sùn lásán. Owó pàjáwìrì ni kó máà dé ibẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà kí ọjọ́ tó pé ní láti wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí iye fúláwà bá sì wálẹ̀, ìṣirò yìí yóò yí padà: owó ìràpadà yóò kéré, èrè yóò dà bí ẹni pé ó pọ̀. Kó fi èyí tó lé yẹn sílẹ̀ nínú òwò fún oṣù kan tàbí méjì ná, nítorí onísọ́ọ̀bù náà ń gbọ́ iye fúláwà, yóò sì ní kí wọ́n dín iye ṣin-ṣin kù.