Níbo Ni Wọ́n Ti Kọ "Oko Ẹrú"?

Ká mú olùkọ́ ìtàn kan ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó ìwé jọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n síkáànì, ìwé ìtàn ìlú lóríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ tó fáìlì PDF 4,000. Ó wá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ti lo àpólà "oko ẹrú". Tó bá ṣí fáìlì kan tó sì tẹ Ctrl+F, ìdáhùn á dé kíá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣí 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ètò tí ń ṣe atọ́ka ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Recoll ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí orí kọ̀ǹpútà ẹni ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kò nílò dátà, kò sì fi ìwé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ síbì kankan. Ọ̀fẹ́ ni lórí Linux. Àwọn tó ń lo Windows máa ń san owó díẹ̀ fún un, tàbí kí wọ́n lo DocFetcher, tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Irú ètò báyìí kì í dúró dìgbà tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ kó tó kàwé. Ó ti ka gbogbo fáìlì náà sílẹ̀, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fáìlì tó wà àti ipò tó wà nínú rẹ̀, bí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé. "Oko" wà nínú fáìlì 12, òun ni ọ̀rọ̀ 518. "Ẹrú" náà wà nínú fáìlì 12, òun ni ọ̀rọ̀ 519. Nígbà tí a bá fi àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ méjèèjì ká, tí a sì wá wọn, ètò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í ka fáìlì kankan. Nọ́ńbà ló ń wò. 519 tẹ̀lé 518, àpólà náà wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí "ẹrú" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,040, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú ìwé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àpólà. Ẹni tí kò bá fi àmì àyọlò sí i ni ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kún níwájú.

Ìdí nìyí tí ìdáhùn fi ń yá. Ìdí kan náà ló sì fà á tí ìdáhùn fi lè jẹ́ òfo nígbà tí àpólà náà wà nínú ìwé gedegbe: ètò náà kò mọ ju ohun tó rí kà lọ.

PDF kì í ṣe ìwé ní ti ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé e jáde ní 1993, ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí ojú ewé rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àṣẹ bí "gbé àwòrán lẹ́tà yìí síbí, gbé tọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀". Bí fáìlì náà kò bá ní àlàyé pé àwòrán báyìí dúró fún lẹ́tà báyìí, ojú wa á rí "ọ", kọ̀ǹpútà á rí nǹkan mìíràn. Ìwé tí wọ́n fi kámẹ́rà fóònù yà kò tilẹ̀ ní lẹ́tà kankan nínú. Fọ́tò lásán ni.

Nítorí náà, kí olùkọ́ wa tó ṣe atọ́ka rárá, kó kọ́kọ́ mọ irú fáìlì tó ní. Lórí Ubuntu tàbí Debian, gbogbo irinṣẹ́ tó nílò wà nínú ìlà kan:

```
sudo apt install recoll poppler-utils ocrmypdf tesseract-ocr-yor
```

Lẹ́yìn náà, kó wọ inú fódà ìwé rẹ̀, kó sì ní kí kọ̀ǹpútà ka iye ọ̀rọ̀ tó rí yọ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó kéré jù ṣáájú:

```
for f in *.pdf; do
  echo "$(pdftotext "$f" - | wc -w) $f"
done | sort -n | head -50
```

Ìwé olójú ewé 200 tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 0 tàbí 3, fọ́tò ni. Ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ ètò tí ń ka àwòrán di ọ̀rọ̀. Tesseract ni èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní àkójọ fún èdè Yorùbá. OCRmyPDF ló ń lò ó láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́yìn àwòrán, láìba bí ojú ewé náà ṣe rí jẹ́:

```
ocrmypdf -l yor --skip-text atijo.pdf atijo-kika.pdf
```

Àṣẹ `--skip-text` yẹn ní kó fo ojú ewé tó bá ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má retí pé gbogbo àmì ohùn ni yóò bọ́ sí i. Tesseract a máa rí "ẹ́" kó pè é ní "é", pàápàá bí ìwé náà bá ti gbó tàbí tí àwòrán rẹ̀ kò tó 300 DPI. Àwọn tó ń fi fóònù ya ìwé lábẹ́ iná tí kò tàn, tí òjìji ọwọ́ wọn bo ìdajì ojú ewé, ìṣòro tiwọn kọjá agbára ètò kankan.

Irú kejì ló ń tanni jẹ jù. Òǹkà rẹ̀ dára, ó lè fi ọ̀rọ̀ 60,000 hàn, ṣùgbọ́n jágbajàgba ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi fóńtì Yorùbá àtijọ́ tẹ̀ ló wà báyìí. Ẹni tó ṣe fóńtì náà gbé "ọ" jókòó sí ipò àmì mìíràn, tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àmì owó tàbí àmì ìbéèrè níbi tí àwa ti ń ka "ọ". Kò ṣòro láti mọ̀: fi ìka yan ìlà kan nínú PDF náà, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé òfo. Bí ohun tó jáde kò bá jọ ohun tó wà lójú, ohun tó jáde yẹn ni atọ́ka yóò gbà. Fún irú èyí, `--force-ocr` ni kí a lò dípò `--skip-text`, kó sọ gbogbo ojú ewé di àwòrán kó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo fáìlì bá ti ní ọ̀rọ̀ gidi nínú, ó kù kí a fi fódà náà han Recoll, kí a sì jẹ́ kó kà á. Lẹ́yìn náà, kó mú ìwé kan tó mọ̀ dáadáa, kó da gbólóhùn ọ̀rọ̀ márùn-ún kọ láti àárín rẹ̀, kó sì wá a. Bí Recoll kò bá rí i, kó má tíì gba ìdáhùn kankan gbọ́ lórí ìwé yẹn.

Ó wá yan "Query language" nínú Recoll, ó kọ `"oko ẹrú"`, ó sì tẹ̀ ẹ́. Èsì rọ́ dé. Ṣùgbọ́n nínú wọn ni ìròyìn nípa jàǹbá ọkọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti ìtàn obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹrú.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe Recoll nìyẹn: bí a kò bá yí i padà, gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló ń bọ́ dànù kó tó kọ ọ̀rọ̀ sínú atọ́ka. Oko ẹrú, ọkọ̀ ẹrù, ọkọ ẹrú, gbogbo wọn di "oko eru". A lè kọ `indexStripChars = 0` sínú fáìlì `recoll.conf`, kí a tún gbogbo atọ́ka ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì máa fi D sẹ́yìn ohun tí a ń wá, báyìí: `"oko ẹrú"D`. Ìgbà náà ni yóò tẹ̀lé àmì.

Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkójọ ìwé Yorùbá. Ìwé tí wọ́n fi àmì ohùn sí pérépéré kò pọ̀. Òǹkọ̀wé kan á kọ "oko ẹrú", òmíràn á kọ "oko ẹru", ìwé ìròyìn á kọ "oko eru", Tesseract á sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ní kí àmì pé yóò pàdánù púpọ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun pàdánù. Ó sàn kí ọkọ̀ ẹrù díẹ̀ bá a wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kó fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò bá mọ́tò rìn, bíi `"oko eru" agbadarigi`, kó lè kọ́kọ́ ka àwọn ìwé tó mẹ́nu kan èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà á ni àwọn tí kò wọlé. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, "ní oko ẹrú" a máa di "lóko ẹrú", "sí oko ẹrú" a sì di "sóko ẹrú". Lójú ètò atọ́ka, "lóko" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ tí kò bá "oko" tan rárá. Ẹni tó wá `"oko eru"` nìkan kò ní rí ìwé tó sọ pé ẹnì kan kú sóko ẹrú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìtàn tó ń wá wà. Ètò tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kò mọ ìsúnkì tiwa. Àwa la ní láti kọ ọ́ fún un:

```
"oko eru" OR "loko eru" OR "soko eru"
```

Bákan náà ni sípẹ́lì àtijọ́ rí. Àwọn ìwé tó ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ 1974 a máa kọ "aiye" àti "enia". Bíbọ́ àmì kúrò kò wo ìyẹn sàn, nítorí lẹ́tà gan-an ló yàtọ̀. Ẹni tó ń wá "ilé ayé" gbọ́dọ̀ wá `"ile aye" OR "ile aiye"`.

Ìdíwọ́ kan ṣì kù tó jẹ́ ti nọ́ńbà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí "oko" bá parí ojú ewé 41, tí "ẹrú" sì bẹ̀rẹ̀ ojú ewé 42, àkọlé orí ewé àti nọ́ńbà ewé lè wà láàárín wọn. Nínú ìwé ìròyìn olópòó méjì, nígbà mìíràn ètò tí ń yọ ọ̀rọ̀ á ka òpó òsì mọ́ ti ọ̀tún lórí ìlà kan náà. Ipò wọn kò wá tẹ̀lé ara mọ́. Recoll gbà kí a fún un láyè díẹ̀: `"oko eru"o6` ń sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà lè bọ́ sí àárín. Ẹ̀yìn tí èsì tó ṣe rẹ́gí bá ti tán ni mo máa ń lo èyí, nítorí pàǹtí rẹ̀ pọ̀.

Àwọn fáìlì tí olùkọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú fódà kò ní fara hàn títí tí yóò fi tún pàṣẹ `recollindex`. Kì í pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, nítorí èyí tó jẹ́ tuntun tàbí tó yí padà nìkan ló máa ń kà.