Ojúde Ọba fún Ẹni tí Kò Ríran àti Ẹni tí Kò Gbọ́rọ̀

Lọ́dún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàn káyé. Ẹni tí kò ríran náà ní fóònù: TalkBack lórí Android àti VoiceOver lórí iPhone máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sí i létí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àpèjúwe lára àwòrán, ó lè má gbọ́ ju pé àwòrán kan wà níbẹ̀. Ariwo táwọn èèyàn ń pa ò ní yé e.

Lórí X, kó o tó fi àwòrán ránṣẹ́, tẹ +ALT tó wà lára rẹ̀, kó o kọ àpèjúwe síbẹ̀. Àyè 1,000 lẹ́tà wà, àmọ́ gbólóhùn méjì tó. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “àwòrán”, torí fóònù ti sọ ìyẹn. “Ojúde Ọba 2024” nìkan kò sì sọ ohun tí ojú rí. Ohun tó mú ẹ gbé e jáde ni kó o sọ: “Ọkùnrin kan jókòó lórí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wọ agbádá àti gíláàsì dúdú, fínfín sì hàn ní apá rẹ̀.” Fínfín yẹn wà lára ohun tí gbogbo ayé ń sọ, kò yẹ kó sọnù. Ká ní télọ̀ ló gbé e jáde, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara agbádá ni kó kọ́kọ́ sọ.

Ní ti fídíò, adití rí ẹṣin tó ń jó, àmọ́ kò gbọ́ ìbọn táwọn ìdílé Balógun ń yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà. Kọ ohùn náà sílẹ̀, kó o sì sọ ẹni tó ni ín. Báyìí ni fáìlì SRT tí YouTube ń gbà ṣe máa ń rí:

```
1
00:00:04,000 --> 00:00:06,500
[Ìbọn dún]

2
00:00:07,000 --> 00:00:10,000
[Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀] Ẹ yà fún ẹlẹ́ṣin!
```

Ìlà tó ní ọfà ni àkókò tí ọ̀rọ̀ yóò yọ àti èyí tí yóò parẹ́. Má jẹ́ kó ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pọ̀ jù, yóò ti lọ kéèyàn tó kà á tán.

Gángan ló nira jù. “[Ìlù ń dún]” kò tó nígbà tí gángan ń ki regbẹ́regbẹ́ tó ń kọjá. Ọ̀rọ̀ lonílù ń sọ. Bi í léèrè ohun tó sọ, kó o sì kọ ọ́.

Bó o bá fẹ́ pa fáìlì náà mọ́, yan UTF-8. Bí “ẹ” bá ń hàn bí “áº¹” lójú fídíò, a jẹ́ pé ohun tó ka fáìlì náà kò kà á bí UTF-8. Lẹ́yìn náà, pa ohùn fídíò kó o wò ó látòkè délẹ̀, kó o sì tan TalkBack, dijú, kó o gbọ́ àpèjúwe àwòrán. Ibi tó bá ti rú ọ lójú, tún un kọ kó o tó gbé e jáde.