Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ìrọ̀rí Ló Fà Á

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jí lórí àga tìmùtìmù nílé àbúrò ìyá mi ní Súrùlérè, ọrùn mi ò sì yí sí ọ̀tún mọ́. Apá àga ni mo fi ṣe ìrọ̀rí mọ́jú. Nígbà tí mo dé Ojúẹlẹ́gba tí mo fẹ́ sọdá títì, odindi ara ni mò ń yí kí n tó lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Kọ̀ndọ́ dánfó kan pè mí títí, n ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bínú sí?"

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní Ìdí-Àràbà. Kò tíì béèrè ibi tó ń dùn mí tó fi bi mí pé, "Ṣé ara rẹ gbóná? Ṣé o lè fi àgbọ̀n kan àyà?" Ara mi ò gbóná. Àgbọ̀n mi sì kan àyà, bó tilẹ̀ ń fà mí díẹ̀. Ó ní kò burú, ọrùn lásán ni.

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí. Egungun méje ló tò léra ní ọrùn, oríkèé wà láàárín wọn, iṣan ló sì dì wọ́n mú. Tí èèyàn bá fi orí dá sí ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí mélòó kan, iṣan apá kan á káko, ti apá kejì á nà ju bó ṣe yẹ lọ. Oríkèé tó ti há á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, iṣan á sì le gbagidi láti dáàbò bò ó. Líle yẹn gan-an ló pọ̀ jù nínú ìrora náà. Kò sí egungun tó yẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bá wa dá padà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí onígbàjámọ̀ gbá yín lórí mú kó yí i lójijì kí ó lè ró "kọ̀". Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú ọrùn kọjá. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyídà òjijì bá fà á ya, ó lè di rọpárọsẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo rẹ táwẹ́lì sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, mo fún un, mo sì fi lé ọrùn àti èjìká fún bí ìṣẹ́jú 15. Mo ti fẹ́ fi Róòbù pa á kí n tó gbé táwẹ́lì lé e, ó ní kí n má dán an wò, pé méjèèjì pọ̀ lè bó èèyàn láwọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rọra yí orí sí apá òsì tí kò dùn mí, kí n tó wá yí i sí ọ̀tún. Ibi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni mo ń dúró sí, mo ń ka ení dé àrún, mo sì ń dá a padà. Ìgbà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Kí á ká ọrùn mọ́ra tí a ò mì í rárá ló ń jẹ́ kí ó pẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, mo ti ń wo ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tó bá jẹ́ pé ọkàdà ló gbéni ṣubú, tàbí tí apá bá ń kú tàbí tí ọwọ́ ò lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ.

Mo padà bi ọ̀rẹ́ mi ìdí tó fi kọ́kọ́ béèrè ibà. Ó ní nítorí yírùnyírùn ni, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wú. Lọ́dún 2017, ó pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Sámfárà ló sì ti jà jù. Ọrùn tí a sùn lé máa ń dunni nígbà tí a bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Ti yírùnyírùn, iwájú ni kì í fẹ́ lọ, nítorí títẹ orí ba ń fa awọ tó ti wú náà. Ara á gbóná, orí á máa fọ́ni gan-an, ìmọ́lẹ̀ á máa ni ojú lára, èébì sì lè tẹ̀ lé e. Ọrùn lè má tíì le níbẹ̀rẹ̀ o, nítorí náà kí àgbọ̀n kan àyà nìkan kò tó láti fọkàn balẹ̀ tí ibà àti orí fífọ́ líle bá ti wà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọmọ aládùúgbò wa kan ní Músín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa ní ìrọ̀rí ló fà á. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, a ní ibà ni, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà, nítorí ní Èkó, ibà lorúkọ gbogbo ara gbígbóná. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló ní kí wọ́n pa iná, pé ó ń gún òun lójú. Ìyá rẹ̀ ní kó wo ilẹ̀, kò lè wò ó. Òru yẹn ni wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi lẹ́yìn rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti ń fa oògùn apakòkòrò sí i lára kí èsì tó jáde. Ó yè é, àmọ́ etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́.